Ohùn ń jáde, àwòrán ò sí: bí ẹ ṣe lè kọ̀wé sí oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí ẹ̀yà tó yẹ lè bá a wá

"Ẹ káàsán sà, tẹlifíṣọ̀n wa ti bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá wò ó." Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí ló kún inú fóònù oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìkíni rẹ̀ dára, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ di àpò iṣẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ tó kà á yóò kó mítà, sìkúrúdíráfà àti irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, yóò sì máa bọ̀. Nígbà tó bá tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tán, yóò ní òun á padà wá lọ́la, ẹ̀yà tó yẹ kò sí lọ́wọ́ òun. Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe bátìrì rìmóòtù tí ti ibí á bá ti ọ̀hún mu. Ti íńṣì 43 kò lè wọ íńṣì 32, kódà íńṣì 43 méjì tí ojú wọn jọra lè máa lo ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú.

Àrùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú gbogbo àrùn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ: ohùn ń jáde, ojú rẹ̀ dúdú. Ó wọ́pọ̀ gan-an, òun sì tún ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí rárá lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kó sì fi gbólóhùn mẹ́fà tàbí méje sọ fún oníṣẹ́ ibi tó yẹ kó wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ojú dúdú yẹn

Ojú tẹlifíṣọ̀n tí à ń wò, ìyẹn pánẹ́ẹ̀lì, kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwòrán nìkan ló ń yà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jẹ́ ká rí àwòrán náà ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, láti ara àwọn gílóòbù kéékèèké tí wọ́n tò sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní báàkì-láìtì. Bọ́ọ̀dù kan ń pín iná, ìyẹn páwà bọ́ọ̀dù. Òmíràn ń gba ìkànnì, ó ń gbọ́ ti rìmóòtù, ó sì ń gbé ohùn jáde, ìyẹn méènì bọ́ọ̀dù. Láàárín méènì bọ́ọ̀dù àti pánẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀dù kékeré kan tún wà tó ń gbé àwòrán lọ sójú, tí wọ́n ń pè ní tíkọ́ọ̀nù. Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, wọ́n ti pa méjì pọ̀ di ẹyọ kan nínú àwọn bọ́ọ̀dù wọ̀nyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yí padà.

Tí ohùn bá ń jáde dáadáa, tí rìmóòtù sì ń yí ìkànnì, a ti mọ nǹkan púpọ̀ láìtú ohunkóhun. Iná ń wọlé. Méènì bọ́ọ̀dù wà láàyè, ó kéré tán ní apá tó ń bójú tó ohùn àti àṣẹ. Ọ̀nà méjì ló wá kù: bóyá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ló kú, tàbí ojú ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé pánẹ́ẹ̀lì ló dí. Ẹ̀yà tí oníṣẹ́ máa gbé fún ti àkọ́kọ́ kò jọ èyí tó máa gbé fún ti èkejì rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ wá mọ èwo ni.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó lọ: tí wọ́n bá kọ OLED sára tẹlifíṣọ̀n yín, kò ní báàkì-láìtì, nítorí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Ìdánwò tọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ sọ kò kan irú rẹ̀. Ẹ kàn kọ OLED náà sínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín gbangba.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe àìsàn kúrò

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní ètò kan nínú mẹ́nù wọn tó ń pa ojú, tó sì ń fi ohùn sílẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin láìwo nǹkan kan. Ọmọdé tó ń fi rìmóòtù ṣeré lè ṣèèṣì bọ́ sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnì mìíràn lórí rìmóòtù, bí i ti mẹ́nù tàbí ọfà òkè àti ìsàlẹ̀. Fólúùmù nìkan lè má tó láti jí i. Tí ojú bá là, ẹ ti bọ́.

Tí kò bá là, ẹ pa á láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó tún tàn án. Rìmóòtù nìkan kì í pa á tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ díkódà àti gbogbo ohun tó wà lára HDMI, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Mẹ́nù yìí ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ, torí inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń wá, kò bá díkódà tàbí wáyà ṣe. Tí mẹ́nù bá hàn ketekete, tí ìkànnì nìkan ò hàn, kò yẹ kí ẹ pe oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rárá. Díkódà tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Tí mẹ́nù náà ò bá hàn, ó di ìdánwò tọ́ọ̀ṣì.

Ìdánwò tọ́ọ̀ṣì

Ẹ dúró di alẹ́, tàbí kí ẹ fa kọ́tìnì kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ fún un láyè kó gbéra tán, títí ohùn yóò fi jáde. Kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn. Ṣé ó dúdú bí ìgbà tí ẹ pa á, àbí ìmọ́lẹ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń hàn lójú rẹ̀, pàápàá ní etí àti igun? Dúdú kíkí túmọ̀ sí pé báàkì-láìtì ò tàn. Ìmọ́lẹ̀ eérú túmọ̀ sí pé ó ń tàn, àwòrán ni kò dé ojú. Ní ọ̀sán, ohun méjèèjì máa ń jọra, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí yàrá ṣókùnkùn.

Ẹ wá tẹ bọ́tìnì mẹ́nù, kí ohun kan tí kì í rìn lè wà lójú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sún mọ́ gíláàsì, kó jìnnà tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà bu padà sí yín lójú. Ẹ rọra máa gbé e kiri láti apá òsì lọ sí ọ̀tún. Ohun tí ẹ ń wá ni àpẹẹrẹ lẹ́tà tàbí àpótí mẹ́nù, bàìbàì, bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kọ ọ́ sórí pátákó dúdú. Tí ẹ bá rí i, ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lórí rìmóòtù, kí ẹ wò ó bóyá ó ń rìn. Tó bá rìn, kò sí iyèméjì mọ́: àwòrán ń dé ojú pánẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ ni kò sí. Oníṣẹ́ máa ronú nípa ọ̀pá gílóòbù, tàbí apá tó ń fún gílóòbù níná lórí páwà bọ́ọ̀dù.

Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì yára dájọ́. Gíláàsì àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yín nìkan lẹ máa rí nínú rẹ̀. Ẹ yí ìdúró yín padà, ẹ gbìyànjú ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ká rí i jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Àìrí i kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ eérú ti wà lójú rẹ̀ ṣáájú, tí tọ́ọ̀ṣì ò sì fi nǹkan kan hàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí gílóòbù. Tíkọ́ọ̀nù, wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, méènì bọ́ọ̀dù, tàbí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló kàn.

Ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí, torí wọ́n ti kọ ojú sí rìmóòtù nígbà tí wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pa á láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tàn án padà kí ojú yín má sì kúrò lára rẹ̀. Ṣé ojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó tó kú, tí ohùn sì ń bá a lọ?

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n so àwọn gílóòbù orí ọ̀pá wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, tó fi jẹ́ pé inú ẹnì kìíní ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Tí ẹyọ kan bá jó tán, tàbí tí kò bá gbé iná dáadáa mọ́, gbogbo ìlà yẹn ló kàn. Bọ́ọ̀dù tó ń fún wọn níná máa gbìyànjú láti tàn wọ́n, á rí i pé iná tó ń lọ kò bá òṣùwọ̀n mu, á sì gé e kúrò láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ìgbìyànjú yẹn ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí fìrí. Fún oníṣẹ́, fìrí yẹn ń sọ pé bọ́ọ̀dù ṣì ní agbára láti tan gílóòbù, nítorí náà ọ̀pá gílóòbù ló ṣeé ṣe jù pé kó wá pẹ̀lú rẹ̀. Tí kò bá sí fìrí kankan, kò lè dá bọ́ọ̀dù láre láti òkèèrè. Á mú ẹ̀rọ tó fi ń dán gílóòbù wò dání, ó sì lè béèrè iye tí wọ́n ń ta páwà bọ́ọ̀dù kó tó kúrò nílé.

Ẹ fi fóònù ya fídíò ìgbà tí ẹ ń tàn án yìí. Ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó tan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí iná pupa kékeré tó wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n hàn nínú rẹ̀, kí ohùn sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó dára ti tó. Ẹ má wulẹ̀ máa pa á máa tàn án láti rí èyí tó mọ́ jù. Tí iná pupa náà bá ń ṣẹ́jú létòlétò, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi, kí ẹ kọ nọ́ḿbà náà. Oríṣi tẹlifíṣọ̀n kan ń lo iye yẹn láti fi sọ apá tó ń dà á láàmú, oníṣẹ́ tó mọ oríṣi náà á sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Tí òórùn jíjó bá ń jáde, tàbí èéfín, tàbí tí ẹ gbọ́ pé nǹkan ta pàù nínú rẹ̀, ẹ má ṣe ìkankan nínú àwọn ìdánwò yìí mọ́. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ àti ibi tí òórùn ti ń wá. Ẹ má sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí páwà bọ́ọ̀dù, kàpásítọ̀ ńlá kan wà tó lè mú iná tó ju fóòtì 300 lọ dání, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Sítíkà ẹ̀yìn

Gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀ ń sọ irú ẹ̀yà tó bàjẹ́. Sítíkà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ irú ẹ̀yà tó máa wọ̀ ọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà níwájú àti "íńṣì 43" nìkan kò tó ọ̀nà rárá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìpolówó tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀.

Lórí sítíkà náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Model, Model No. tàbí Model Code. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀lé ìlà kékeré tàbí ìlà dídà. Ìrù yẹn làwọn èèyàn sábà máa ń gé kúrò, òun gan-an ló sì lè fi ìpele kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn. Tí ọ̀rọ̀ Version tàbí Type bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú. Nọ́ḿbà S/N wúlò fún oníṣẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kò yẹ kó wà níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ilé iṣẹ́ kan lè ṣe módẹ́ẹ̀lì kan náà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kó sì fi pánẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ sínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti yàtọ̀, ọ̀pá gílóòbù lè yàtọ̀: gígùn rẹ̀, iye gílóòbù tó wà lórí ẹyọ kan, àti fóòtì tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń lò. Fóòtì 3 ni àwọn kan ń lò, àwọn mìíràn ń lo 6. Ẹni tó bá fi olófóòtì 3 síbi tó yẹ kí olófóòtì 6 wà ti fi owó ṣòfò, ó sì tún lè pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ẹ ya fọ́tò sítíkà náà ní àfikún sí kíkọ ọ́. Odo àti lẹ́tà O jọra, ení àti lẹ́tà I jọra, 8 àti B, 5 àti S. Fọ́tò máa yanjú ìyẹn. Ẹ pa fíláàṣì fóònù, nítorí sítíkà náà ń dán, fíláàṣì á sì sọ àárín rẹ̀ di funfun. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò. Tó bá jẹ́ ara ògiri ni tẹlifíṣọ̀n wà, tí orí ò lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tan fídíò sórí fóònù, kí ẹ rọra ti fóònù náà gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá dá fídíò náà dúró níbi tí sítíkà ti hàn. Tí sítíkà bá ti bó, ẹ wo páálí rẹ̀ tàbí ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á. Ẹni tó ní sùúrù tilẹ̀ lè fi tọ́ọ̀ṣì ka orúkọ módẹ́ẹ̀lì nínú mẹ́nù bàìbàì yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni.

Tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá dá yín lójú, ẹ fi téèpù wọn gíláàsì nìkan, láti igun òkè ẹ̀gbẹ́ kan dé igun ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má ka férémù mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà 109 tó íńṣì 43.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ṣe gbogbo ìdánwò wọ̀nyí lálẹ́. Nọ́ḿbà tí mo fi síbí, èmi ni mo dá a dábàá. Tiyín lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀.

> Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Tẹlifíṣọ̀n íńṣì 43 ni, AB43K500-C, Version 02. Fọ́tò sítíkà rẹ̀ àti fídíò wà nísàlẹ̀ yìí. Láti àná, ohùn ń jáde, rìmóòtù ń yí ìkànnì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ìmọ́lẹ̀ máa ń hàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì kú. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó nínú òkùnkùn, mo rí mẹ́nù bàìbàì, ó sì ń rìn. Kò ṣubú, omi ò kàn án, ẹnikẹ́ni ò tíì tú u rí. Ara ògiri ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yà wo lẹ máa mú wá, èló ni, ṣé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dè yín?

Kò gùn, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè kà á tán láìjókòó. Módẹ́ẹ̀lì ló ṣáájú, torí òun ni oníṣẹ́ máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà, ó sì lè ṣe é kó tó ka ìyókù tán. "Ohùn ń jáde, rìmóòtù ń yí ìkànnì" mú kí ó fi ọ̀rọ̀ méènì bọ́ọ̀dù sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ fìrí àti mẹ́nù bàìbàì jọ ń tọ́ka sí ibì kan náà, ìyẹn ọ̀pá gílóòbù. "Ẹnikẹ́ni ò tíì tú u rí" lè dà bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti tún ṣe rí lè ní ọ̀pá tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú, nọ́ḿbà sítíkà ò sì ní bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu mọ́. Tí wọ́n bá ti tú tiyín rí, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Kò sí oníṣẹ́ tó máa bá yín jà nítorí pé ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹ wò ó pé kò sí ibì kankan tí ẹni yìí ti kọ ọ́ pé "báàkì-láìtì ló jó." Ó ṣeé ṣe kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Àmọ́ tó bá kọ ìdájọ́ nìkan, oníṣẹ́ ò ní mọ ohun tó rí tó fi dájọ́, ó sì lè gbé ọ̀pá gílóòbù wá bá tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ tíkọ́ọ̀nù ló ń dà á láàmú. Ẹ kọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́. Ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ní mítà lọ́wọ́.

Oníṣẹ́ náà dáhùn pé: "Ẹ ṣeun. Kó tó kú pátápátá, ṣé ibì kan lójú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn ju ibòmíràn lọ?" Ẹni náà ronú, ó wá rántí pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì ti ń ṣú, wọ́n kàn rò pé fíìmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìyẹn fi kún ẹ̀rí, torí gílóòbù sábà máa ń rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan tó wá gé gbogbo ìlà kúrò. Oníṣẹ́ bi ẹni tó ń ta ẹ̀yà, wọ́n sọ fún un pé oríṣi ọ̀pá méjì ló ń wà nínú módẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó gba méjèèjì, pẹ̀lú àdéhùn pé òun á dá èyí tí òun ò lò padà. Nígbà tó tú pánẹ́ẹ̀lì kúrò, ó ka nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá àtijọ́, ó mú èyí tó bá a mu, ó sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ṣì ń tàn ti bá èyí tó kú dàgbà. Tó bá pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, òmíràn lè kú láìpẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ò sì ní dọ́gba.

Ibi tí agbára àtẹ̀jíṣẹ́ parí sí nìyẹn. Nọ́ḿbà tó ń ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn wà nínú, lára ọ̀pá fúnra rẹ̀ àti lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ò sì lè dé ibẹ̀ láìtú u. Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ dáadáa lè ṣe ni kó sọ ogún ohun tó ṣeé ṣe di méjì. Tí oníṣẹ́ bá sì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wá tú u wò kí òun tó ra ohunkóhun, ẹ gbà fún un.

Tí ojú rẹ̀ ò bá dúdú tán

Ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà ni, gbólóhùn tó wà láàárín nìkan ló ń yí. Tí ìlàjì ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ sọ ìlàjì wo, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí nǹkan funfun wà lójú rẹ̀. Tí ààmì funfun róbótó bá hàn káàkiri, gílóòbù ò kú, ìbòrí kékeré tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ wọn ká ló ti bọ́ kúrò lórí wọn. Ẹ ka iye ààmì náà. Tí gbogbo ojú bá di bíi àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò, ẹ sọ bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀ tàbí òjijì.

Tó bá jẹ́ ìlà tó dúró tàbí ìlà tó dùbúlẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìlà náà gba orí mẹ́nù kọjá. Tó bá gba orí rẹ̀, inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ láti wò ó bóyá á lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti sán, tí ẹ ń rí bí ẹ̀ka igi tàbí àbàwọ́n dúdú tó ń tàn ká, fọ́tò kan ti tó, kò sí ìdánwò kankan mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì ni, owó rẹ̀ sì sábà máa ń sún mọ́ ti tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó fi owó ọkọ̀ ṣòfò wá.

Kí ó tó dé

Tó bá ti dáhùn pé ọ̀pá gílóòbù ni òun ń mú bọ̀, ẹ múra àyè sílẹ̀. Ó máa ní láti gbé pánẹ́ẹ̀lì kúrò pátápátá, pánẹ́ẹ̀lì sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ìfọwọ́bà kékeré ní etí rẹ̀ lè là á. Fún íńṣì 43 sókè, èèyàn méjì ló yẹ kó gbé e. Ẹ wá tábìlì tó tóbi ju tẹlifíṣọ̀n lọ, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ tó mọ́ tí kò ní iyanrìn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ kúrò ní yàrá yẹn. Tí ẹ ò bá ní ibi tó tóbi tó, ẹ kọ ìyẹn náà ránṣẹ́ sí i, kó lè yàn bóyá kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.